Moore àti Mealy: Èwo Ni Ká Fi Iná Oríta Lé Lọ́wọ́?

Ní ọdún 1980, Carver Mead àti Lynn Conway gbé ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí ẹnjiníà ṣe lè ṣètò sákíìtì tí wọ́n máa tẹ̀ sórí ṣíìpù. Oríta kan wà nínú ìwé náà. Títì márosẹ̀ ńlá kan ló ń lọ tààrà, ọ̀nà oko tóóró kan sì dábùú rẹ̀. Ọkọ̀ kì í dá lórí márosẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà oko, ó lè pẹ́ kí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó yọjú. Márosẹ̀ ló ni iná gíríìnì, àfi tí ọkọ̀ kan bá ti oko dé tó sì dúró. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ tó ń darí iná yóò dá márosẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ará oko rí ọ̀nà kọjá, lẹ́yìn náà yóò dá ọ̀nà padà fún márosẹ̀.

Oríta yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó láti ṣètò rẹ̀ kò ní lọ jìnnà kó tó bá ìbéèrè kan pàdé: nígbà tí gílóòbù bá fẹ́ tàn, ọ̀rọ̀ ta ni kó gbọ́? Ṣé ohun tí ẹ̀rọ ti pinnu tó sì wà nínú ìrántí rẹ̀ nìkan, àbí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú pópó ní ìṣẹ́jú yẹn náà? Ìbéèrè yìí ló wà nídìí àríyànjiyàn Moore àti Mealy. Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń to àǹfààní àti àléébù àwọn méjèèjì síta, tí wọ́n á wá ní kí òǹkàwé mú ọ̀kan. Èrò tèmi ni pé ní oríta, kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan ṣoṣo, àti pé Mead àti Conway gan-an kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Kò ní ojú, kò sì mọ ohun tí oríta ń jẹ́. Ohun tó ní ni ìrántí kékeré kan tó ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé fún un, ibi tí iṣẹ́ dé yẹn là ń pè ní ipò. Mẹ́rin péré ni ipò tó wà ní oríta yìí. Nínú ipò HG, márosẹ̀ wà ní gíríìnì, oko wà ní pupa. Nínú HY, márosẹ̀ ti bọ́ sí yẹ́lò, oko ṣì wà ní pupa. Nínú FG, ó ti kan oko láti wà ní gíríìnì, márosẹ̀ sì wà ní pupa. Nínú FY, oko wà ní yẹ́lò, márosẹ̀ ṣì wà ní pupa. Láti FY, a ó padà sí HG. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, kò sì sí ìgbà tí ẹ̀rọ gbọdọ̀ fo ọ̀kan kọjá.

Aago kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń lù déédéé, ipò kò sì lè yí padà àfi lásìkò tí aago bá lù. Fún ìrọ̀rùn, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ló ń lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago inú ẹ̀rọ gidi ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ìròyìn mẹ́ta ló ń wọlé sínú ẹ̀rọ. Èkíní ni C, tó ń sọ bóyá ọkọ̀ wà lórí ọ̀nà oko. Lójú pópó, wáyà ni wọ́n sábà máa ń ká sábẹ́ ọ̀dà fún iṣẹ́ yìí. Tí irin ọkọ̀ bá gùn ún, iná mànàmáná inú wáyà náà á yí padà díẹ̀, àpótí tó ń ṣọ́ wáyà á sì sọ pé ọkọ̀ ti dé. Ìròyìn kejì àti ìkẹta, TS àti TL, ń wá láti ọ̀dọ̀ táímà. Táímà yìí ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti òdo. Tó bá ti ka dé 3, ìyẹn nínú ìṣẹ́jú-àáyá kẹrin, TS á di 1: àkókò kúkúrú ti pé. Tó bá ka dé 29, TL náà á di 1: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ti pé. Á dúró síbẹ̀ ní 29, kò ní padà sí òdo fúnra rẹ̀, torí ó lè pẹ́ kí ọkọ̀ oko tó dé. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a padà sí òdo ni àṣẹ tí ẹ̀rọ bá fún un, ìyẹn ST.

Ìrìn àjò láti ipò dé ipò kò le. Nínú HG, ẹ̀rọ á dúró títí C àti TL yóò fi jọ jẹ́ 1: ọkọ̀ ti dé láti oko, márosẹ̀ sì ti jẹ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tirẹ̀. Nínú HY, TS nìkan ló ń dúró dè. Nínú FG, ó lè kúrò tí ọkọ̀ bá ti tán lórí ọ̀nà oko tàbí tí TL bá ti pé, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Nínú FY, TS ni. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ kúrò nínú ipò kan, á fún táímà ní àṣẹ ST kó bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun.

Níbí ni orúkọ àwọn ọkùnrin méjì náà ti wọlé. George Mealy tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní 1955 nínú ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ ẹ̀rọ ti iléeṣẹ́ tẹlifóònù Bell ní Amẹ́ríkà. Edward Moore tẹ tirẹ̀ ní 1956, nínú àkójọpọ̀ tí Claude Shannon àti John McCarthy ṣe olóòtú rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ bíi ti Moore, ipò nìkan ló ń pinnu àṣẹ tó ń jáde. Tí o bá ti mọ ipò tí ẹ̀rọ wà, o ti mọ gbogbo ohun tó ń ṣe. Nínú ẹ̀rọ bíi ti Mealy, ipò àti ìròyìn tó ń wọlé lọ́wọ́ ni wọ́n jọ ń pinnu àṣẹ. Bí ìròyìn bá yí padà, àṣẹ náà á yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ní dúró de aago.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa Mealy ni pé ó ń dín iye ipò kù, ó sì ń tètè dáhùn. Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí òótọ́ náà lè gbé wa dé bí a bá fi gílóòbù lé e lọ́wọ́.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ronú pé ipò mẹ́rin ti pọ̀ jù. Ó ní ipò méjì tó, ìyẹn H fún ìgbà tí ọ̀nà jẹ́ ti márosẹ̀ àti F fún ìgbà tó jẹ́ ti oko. Yẹ́lò kò nílò ipò tirẹ̀, ó wí, torí a ti mọ ìgbà tó yẹ kó tàn: tí a bá wà nínú H, tí C jẹ́ 1, tí TL náà jẹ́ 1, kí márosẹ̀ máa fi yẹ́lò hàn. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa fi gíríìnì hàn. Táímà kékeré mìíràn á ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin látìgbà tí yẹ́lò bá tàn, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á bọ́ sí F. Lórí ìwé, ó mọ́ tónítóní. Ìrántí kan ṣoṣo ló gbà dípò méjì.

Wàyí o, ọkọ̀ kan dé láti oko, ó gun wáyà, C di 1. TL ti pé tipẹ́. Iná márosẹ̀ bọ́ sí yẹ́lò. Awakọ̀ tó wà níwájú lórí márosẹ̀ rí i, ó tẹ búréèkì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọkọ̀ oko rí àyè, ó yà sọ́tùn-ún, ó sì bá tirẹ̀ lọ, torí pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, òfin gba awakọ̀ láyè láti yà sọ́tùn-ún lójú iná pupa lẹ́yìn tó bá ti dúró. C ti padà di 0. Nínú ẹ̀rọ ipò méjì yìí, ohun tó mú yẹ́lò tàn kò sí mọ́, nítorí náà yẹ́lò kú lójú ẹsẹ̀, gíríìnì sì padà tàn. Ẹni tó wà níwájú ti ń dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí gíríìnì, ó sì fẹsẹ̀ lé tọ́rótù. Ẹ̀rọ ti fi iná kan náà sọ ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora fún ènìyàn méjì tó tẹ̀lé ara wọn.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí ọkọ̀ bá yà. Alùpùpù tí irin rẹ̀ kò pọ̀ tó, tó sì dúró sí etí wáyà, lè mú kí àpótí máa sọ pé ó wà, kò sí, ó wà, kò sí. Bí C ṣe ń ta pọ́ńpọ́ń ni iná márosẹ̀ yóò máa ta pọ́ńpọ́ń láàárín gíríìnì àti yẹ́lò.

Nínú ẹ̀rọ ipò mẹ́rin, ìwà yìí kò lè ṣẹlẹ̀. Tí a bá ti wọ HY, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè C. Ọkọ̀ oko lè lọ, ó lè padà, alùpùpù lè máa jó lórí wáyà, yẹ́lò yóò tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin rẹ̀ pé pérépéré, torí TS nìkan ni HY mọ̀. Ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí àmì ojú pópó gbani nímọ̀ràn pé kò yẹ kí yẹ́lò dín ní ìṣẹ́jú-àáyá 3, kò sì yẹ kó ju 6 lọ. Ìlànà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé mú ṣẹ bí ẹnì kan lójú pópó bá lè gé yẹ́lò kúrú nípa pé ó kàn wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lórí wáyà. Ipò tí akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé òun fi pa mọ́, òun gan-an ló ń di yẹ́lò mú.

Ìdí kejì wà tí mo fi gbà pé Moore ló yẹ fún gílóòbù, òun ni mo sì kà sí jù: àyẹ̀wò. Ohun tó burú jù tí ẹ̀rọ oríta lè ṣe ni kó fún ọ̀nà méjèèjì ní gíríìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo la ṣe lè mọ̀ dájú pé tiwa kò ní ṣe é láé? Bí iná bá ń gbọ́ ti ipò nìkan, ìlà mẹ́rin la máa kà. HG: gíríìnì àti pupa. HY: yẹ́lò àti pupa. FG: pupa àti gíríìnì. FY: pupa àti yẹ́lò. Ó parí. Ohunkóhun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sí sẹ́ńsọ̀ tàbí táímà, bí wáyà bá já, bí òjò bá wọ inú àpótí, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì wà nínú ọ̀kan lára ipò mẹ́rin yìí, gíríìnì méjì kò lè tàn pọ̀.

Bí iná bá ń gbọ́ ti ìròyìn tó ń wọlé pẹ̀lú ńkọ́? Ìròyìn mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 tàbí 1, ń fún wa ní ọ̀nà mẹ́jọ fún ipò kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́rin ti di méjìlélọ́gbọ̀n. Tí a bá wá fi bọ́tìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kún un, ó ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ènìyàn lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kọ̀ǹpútà sì lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí alábòójútó lè fi ojú ara rẹ̀ rí lórí abala ìwé kan àti ohun tó gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ nítorí pé wọ́n ní ó dára.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ fi ọkàn tán àyẹ̀wò orí ìwé. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ kan máa ń wà nínú àpótí ìdí oríta, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ iná tó ń lọ sára gílóòbù. Tó bá rí gíríìnì méjì tí kò yẹ kó pàdé, á gba oríta lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìdarí, á sì sọ gbogbo iná di èyí tó ń ṣẹ́jú.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń fi ṣe ìdí pàtàkì nínú kíláàsì tí n kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Wọ́n ní nínú ẹ̀rọ Mealy, ìròyìn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà nínú sákíìtì, nítorí náà àṣẹ tó ń jáde lè ta kíún lọ síbi tí kò yẹ kó tó fìdí múlẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń ta bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n títa náà kì í ju ìdá díẹ̀ nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ojú ènìyàn kò lè rí i láé. Bí ẹnì kan bá fi èyí nìkan ṣẹ̀rù ba akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á wo gílóòbù, kò ní rí nǹkan kan, á sì rò pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìpalára Mealy lójú pópó ni èyí tí ojú ń rí: yẹ́lò tó kú láìpé, gíríìnì tó padà wá. Títa kíún yẹn ní ibi tó ti léwu, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

A ti fi gílóòbù fún Moore. Ó ku ST, àṣẹ tó ń dá táímà padà sí òdo. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀, torí lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ pé Moore ló dára, wọ́n á fẹ́ sọ ohun gbogbo di Moore.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀. A ní ST gbọdọ̀ gbọ́ ti ipò nìkan. A mọ̀ pé yẹ́lò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú táímà tuntun, nítorí náà a sọ pé ST jẹ́ 1 nínú HY. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ wọ HY, ST di 1, táímà padà sí òdo. Aago lù, ẹ̀rọ ṣì wà nínú HY, ST ṣì jẹ́ 1, táímà tún padà sí òdo. Títí ayé ni yóò máa rí bẹ́ẹ̀. TS kò ní di 1 láé, márosẹ̀ á dúró sórí yẹ́lò, oko á dúró sórí pupa, ẹ̀rọ á sì dà bíi pé ó ti kú. Bí ẹ bá rí iná tó há sórí yẹ́lò nínú ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ wo táímà kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Bó bá jẹ́ òdo ló ń fi hàn láìyẹsẹ̀, ẹ ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀ náà.

ST kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ibi tí a wà. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa pé a ń kúrò. Ipò kò lè dá sọ ọ́, torí ipò kan náà ni HG jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dé àti nígbà tí ọkọ̀ ti dé tí a sì fẹ́ ṣí kúrò. Ohun tó ya ìgbà méjèèjì sọ́tọ̀ ni C àti TL, ìròyìn tó ń wọlé sì ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Mead àti Conway fi fi ST sílẹ̀ fún Mealy, tí wọ́n sì fi àwọn iná sílẹ̀ fún Moore, nínú ẹ̀rọ kan náà. Lédè Verilog tí ẹnjiníà fi ń kọ sákíìtì, ó lè rí báyìí:

```verilog
assign H_green  = (state == HG);
assign H_yellow = (state == HY);
assign F_green  = (state == FG);
assign F_yellow = (state == FY);

assign ST = ((state == HG) & C & TL)
          | ((state == HY) & TS)
          | ((state == FG) & (~C | TL))
          | ((state == FY) & TS);
```

Ẹ wò ó fínnífínní. Nínú ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí C, kò sí TL, kò sí TS. Nínú ST, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ iṣẹ́ òun ti jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ fọwọ́ kan gílóòbù kò nílò ju pé kó wá lẹ́tà wọ̀nyẹn nínú ìlà iná.

Ẹnì kan lè sọ pé òun ṣì ń bẹ̀rù Mealy, kí ST náà kọ́kọ́ gba inú ìrántí kékeré kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ táímà, kó lè mọ́. Ó dún bí ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ ká ka ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

A wà nínú HG, táímà dúró sí 29, TL àti TS jọ jẹ́ 1. Ọkọ̀ dé, C di 1. Aago lù. Ẹ̀rọ bọ́ sí HY, yẹ́lò tàn, àṣẹ ST sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìrántí kékeré náà ni, kò tíì ṣe nǹkan kan fún táímà. Nínú gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá yìí, táímà ṣì wà ní 29. TS ṣì jẹ́ 1. HY sì ń béèrè nǹkan kan ṣoṣo: ṣé TS ti pé? Ìdáhùn tó rí gbà ni bẹ́ẹ̀ ni. Aago tún lù, ẹ̀rọ bọ́ sí FG, ìgbà yìí gan-an ni táímà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí òdo. Yẹ́lò márosẹ̀ tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò mẹ́rin, oko sì ti gba gíríìnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń já bọ̀ lórí márosẹ̀.

Àṣìṣe yìí burú torí pé kì í fi ara hàn bákan náà ní gbogbo ìgbà. Lórí márosẹ̀, yẹ́lò á kúrú nígbà gbogbo, torí TL gbọ́dọ̀ pé kí a tó kúrò nínú HG. Lórí ọ̀nà oko, bí ọkọ̀ oko bá tètè tán kí táímà tó ka dé 3, TS kò tíì di 1, yẹ́lò oko á sì dà bí ẹni pé ó dára. Bí ọkọ̀ oko bá pọ̀, tí FG sì pẹ́, yẹ́lò oko náà á kúrú. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ kan ṣoṣo dán ẹ̀rọ wò, tó sì ń wo iná oko nìkan, lè sọ pé ó yè. Ìdánwò tó lè mú un ni èyí tó ń wọn gígùn yẹ́lò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjèèjì, nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀ àti nígbà tí ó pọ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ Moore dandan: kó pín ipò kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ìdajì àkọ́kọ́ á gba ìlù aago kan péré, ST á jẹ́ 1 níbẹ̀, kò sì ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ táímà. Ìdajì kejì ni yóò máa dúró de TS tàbí TL, ST á sì jẹ́ 0. Ipò mẹ́rin á di mẹ́jọ, ipò kọ̀ọ̀kan á sì fi ìlù aago kan gùn sí i, èyí tí a lè yọ kúrò nínú òǹkà táímà. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ àṣelékè ni, torí ST kì í kúrò nínú àpótí, kò sí awakọ̀ tó ń rí i.

Ṣùgbọ́n ST tó jẹ́ Mealy ní ohun méjì tó ń béèrè, ibẹ̀ sì ni títa kíún tí mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wúlò. Àkọ́kọ́, táímà gbọ́dọ̀ máa wo ST lásìkò tí aago bá lù nìkan. Oríṣi táímà kan wà tó ń padà sí òdo lójú ẹsẹ̀ tí àṣẹ bá ti kàn án, láìdúró de aago. Bí a bá so ST mọ́ irú rẹ̀, títa tí ojú kò lè rí yẹn ti tó láti pa òǹkà rẹ́ láàárín. Ojú ènìyàn lọ́ra, táímà kò lọ́ra.

Èkejì, C kò mọ aago. Ọkọ̀ ń gun wáyà nígbà tó bá wù ú, ó sì lè bọ́ sí déédéé ìgbà tí aago ń lù. Ká ní C lọ tààrà sínú ẹ̀rọ. Ibi tí ipò ti ń yí padà lè rí C gẹ́gẹ́ bí 1, kó bọ́ sí HY, nígbà tí táímà, tí wáyà tirẹ̀ gùn díẹ̀ jù, rí i gẹ́gẹ́ bí 0, kó má sì padà sí òdo. Ẹ ti mọ ohun tó kàn: táímà ṣì wà ní 29, yẹ́lò ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àṣìṣe tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì má padà wáyé fún oṣù mélòó kan nìyí, ẹni tó rí i kò sì ní lè fi han ẹlòmíràn. Ìwòsàn rẹ̀ kò wọ́n: kí C kọ́kọ́ gba inú ìrántí kékeré méjì tó tẹ̀lé ara wọn kọjá, kí gbogbo ẹ̀rọ sì máa gbọ́ èyí tó bá jáde láti inú èkejì. Ìlù aago méjì ni ọkọ̀ oko máa fi pẹ́ sí i. Moore náà nílò ìtọ́jú yìí, torí C ń wọ inú ìpinnu ipò lọ́nàkọnà, ṣùgbọ́n ST tó jẹ́ Mealy ló ń jẹ́ kí gbèsè rẹ̀ tètè hàn.

Àwọn kan á béèrè pé ọkọ̀ áḿbúláǹsì ńkọ́. Ṣé kò yẹ kí iná dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ohun tí Mealy mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ wo ohun tí ojú ẹsẹ̀ túmọ̀ sí. Márosẹ̀ wà ní gíríìnì, áḿbúláǹsì ń ti oko bọ̀. Bó ti wù kó yá wa tó, a gbọ́dọ̀ fi yẹ́lò hàn márosẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kí a tó ṣí ọ̀nà. Ohun tí Mealy lè gbà fún wa kò ju àyè ìlù aago kan lọ. Bí ìṣẹ́jú-àáyá kan bá pọ̀ jù, kí a jẹ́ kí aago máa lù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, kí a sì tún òǹkà táímà ṣe. Moore á wá pẹ́ fún ìdá kan nínú mẹ́wàá, a kò sì ní fi gílóòbù kankan lé sẹ́ńsọ̀ lọ́wọ́.

Àléébù kan ṣì kù nínú oríta tí a ti ń bá bọ̀ yìí, Moore àti Mealy kò sì ni ín. Ẹ rántí ọkọ̀ oko tó yà sọ́tùn-ún nígbà tí márosẹ̀ wà ní yẹ́lò. Nínú ẹ̀rọ ipò mẹ́rin, yẹ́lò parí bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ wọ FG, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ mọ́: C jẹ́ 0. FG sì sọ pé tí C bá ti jẹ́ 0, kí a kúrò. Gíríìnì oko á tàn fún ìlù aago kan péré, yẹ́lò á tẹ̀lé e. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ lọ́nà oko ní ìgbà yẹn, tó rí gíríìnì tó sì ń múra àtikọjá, iná á yí mọ́ ọn lójú. Gíríìnì tó kúrú báyìí kò yẹ lójú pópó gidi, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún oríta fi máa ń ní àkókò tó kéré jù fún gíríìnì kọ̀ọ̀kan.

Àtúnṣe rẹ̀ kéré. Dípò kí FG kúrò tí C bá jẹ́ 0, kó kúrò tí C bá jẹ́ 0 tí TS sì ti pé, tàbí tí TL bá pé:

```verilog
((state == FG) & ((~C & TS) | TL))
```

Gíríìnì oko kò ní lè dín sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin mọ́. Ẹni tó bá rí i pé mẹ́rin kò tó fún ọkọ̀ ẹrù tó ń gbéra díẹ̀díẹ̀ lè fún táímà ní òǹkà kẹta fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ibi méjì ni àtúnṣe náà ti gbọ́dọ̀ wọlé: ibi tí ipò ti ń yí padà láti FG sí FY, àti ìlà kẹta nínú ST. Bí a bá tún ọ̀kan ṣe tí a gbàgbé èkejì, táímà á máa padà sí òdo nígbà tí ipò kò yí, tàbí kí ipò yí kí táímà má mọ̀. Ìlà mẹ́rin tó ń tan gílóòbù kò yí padà rárá, àyẹ̀wò gíríìnì méjì tí a ṣe lórí wọn sì dúró bó ṣe wà.